Mẹ́ta Nínú Àádọ́ta: Ohun Tí Nọ́ńbà Abẹ́ Àwòrán Ń Sọ àti Èyí Tí Kò Sọ

Kí ọdún 1970 tó dé ni Bruce Onobrakpeya, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Agbarha-Otor, ya ìtàn bí Jésù ṣe ru àgbélébùú sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Èbúté Mẹ́ta, l'Ékòó. Ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló yà pé. Ní 1969, ó tún mú ìtàn yìí kan náà, ó fín in sórí línò, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ti ògiri ló ṣáájú lè rò pé ẹ̀dà rẹ̀ ni ti orí pépà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onobrakpeya kò ya fọ́tò ògiri kankan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé línò. Òun ló pinnu ibi tí yóò gbẹ́ dànù kí ó lè hàn ní funfun lórí pépà, àti ibi tí yóò dá sí kí ó lè gba tàdáwà. Àwọn ìlà tí ó jáde kò sí lára ògiri rí. Ojúlówó àwòrán àtẹ̀ ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà ti wà níbòmíràn. Bí ẹnìkan bá wá ya fọ́tò ọ̀kan nínú wọn lónìí, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, ti ara kàlẹ́ńdà yẹn ni ẹ̀dà.

Àwọn tó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta yóò tètè rí ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n máa ń gé ọnà sára páànù, wọn a gbé páànù náà lé aṣọ, wọn a fi lẹ́kọ sí i, kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Bí páànù kan bá ṣe ogún aṣọ, ogúnlọ́gọ̀ọ̀gún ni àdìrẹ, kò sí èyí tí a lè pè ní ẹ̀dà èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára kò dé inú aró rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán àtẹ̀ onírin, irú èyí tí Ru van Rossem, ará Nẹ́dálàńdì, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà wa ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Oníṣẹ́ ọnà á fi ìda bo ojú irin pẹlẹbẹ, bàbà tàbí síǹkì, á sì fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà títí abẹ́rẹ́ yóò fi kan irin. Tí ó bá ki irin bọ inú ásíìdì, ibi tí abẹ́rẹ́ ti la ìda nìkan ni ásíìdì máa ń jẹ; bí ó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ìlà ṣe máa jinlẹ̀ tó. Lẹ́yìn èyí, á nu ìda kúrò, á ra tàdáwà mọ́ ojú irin, á sì tún nu ojú rẹ̀ mọ́, kí tàdáwà lè ṣẹ́ kù sínú kòtò ìlà nìkan. Á wá gbé pépà tí ó ti rin lé e, á sì yí wọn kọjá lábẹ́ rólà tí ó wúwo gan-an. Pépà náà á wọ inú kòtò lọ fa tàdáwà jáde. Bí ó bá fẹ́ òmíràn, àfi kí ó ra tàdáwà, kí ó sì nu irin lákọ̀tun. Ìdí nìyí tí àwòrán méjì láti ara irin kan náà kì í fi í bára mu délẹ̀délẹ̀.

Irin máa ń jẹ pẹ̀lú. Títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, nínù tí wọ́n ń nù ún, ló ń pa àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ rẹ́. Nítorí èyí, àti nítorí owó, ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà òde òní fi máa ń fi òté lé iye tí wọn yóò tẹ̀. Tí ẹ bá rí 3/50 tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sábẹ́ àwòrán, àádọ́ta ni gbogbo rẹ̀, ìkẹta sì ni èyí. A/P ni wọ́n sábà máa ń kọ sára àwọn díẹ̀ tí oníṣẹ́ ọnà tẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn iye náà. Nígbà tí àádọ́ta bá pé, oníṣẹ́ ọnà tó mọyì ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fa ìlà gbọọrọ kọjá lójú irin náà, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ojúlówó lára rẹ̀ mọ́.

Bí wọn kò bá ba irin jẹ́ ńkọ́? Rembrandt kú ní Amsterdam ní 1669. Kì í kọ nọ́ńbà sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Àṣà yẹn kò tíì dáyé nígbà náà, nítorí náà àìsí nọ́ńbà kò sọ àwòrán àtijọ́ di ayédèrú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irin tí ó fín ló kù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, oníṣòwò kan ní Párísì tí ń jẹ́ Basan ní ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ tà. Àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ ọ̀rúndún ogún. Irin Rembrandt ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ti tún àwọn ìlà kan fín níbi tí wọ́n ti ń parẹ́. Òjìji dúdú tó jinlẹ̀ nínú èyí tí Rembrandt tẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti di eérú níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀dà fọ́tò, kì í sì í ṣe ohun tí Rembrandt fọwọ́ sí. Alágbàtà tó bá jẹ́ olóòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ jù lọ ni èyí tó kàn yìí, ó sì ń dùn mí. Wọ́n á ya fọ́tò àwòrán olóyìnbó òróró tí ẹnìkan kùn, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n á ní kí ẹni tó kùn ún fọwọ́ sí i, wọ́n á sì kọ 20/500 sí i. Iye rẹ̀ lóǹkà lóòótọ́, ìfọwọ́sí náà sì lè jẹ́ òtítọ́. Síbẹ̀ ẹ̀dà fọ́tò ni. Iye nìkan ni nọ́ńbà ń sọ, kì í sọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́. Kò sì sí irin tí yóò jẹ, kò sí èyí tí a lè bà jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á tún tẹ òmíràn tó fi díẹ̀ tóbi ju èyí lọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà láti orí ení. Ìfọwọ́sí pẹ̀lú ní ààlà tirẹ̀: Salvador Dalí, ará Sípéènì, fọwọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pépà òfìfo kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ohunkóhun sórí wọn.

Awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, ti tó láti fi mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ gbé e lé ibi tí àwọ̀ ti ṣí díẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn tótótó kéékèèké aláwọ̀ búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tí wọ́n tò yípo bí òdòdó, ẹ̀rọ ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́. Bí ìfọwọ́sí gan-an bá jẹ́ tótótó, a jẹ́ pé inú fọ́tò ló bá a wá. Nínú àwòrán onírin, ìlà á gún láìjá, tàdáwà á ga díẹ̀ lórí pépà, etí irin á sì ti tẹ pépà wọlé yípo àwòrán náà. Ti línò kì í sábà ní irú àmì etí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má fi wá a.

Ó ní ibi tí awò máa ń mọ. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń wọ́n tàdáwà sórí pépà òwú kì í to tótótó rẹ̀ bí òdòdó. Fífọ́nká ni wọ́n ń fọ́n ká, wọ́n sì kéré débi pé ojú lè má rí wọn. Wọ́n sì lè fi irin lásán tẹ etí pépà kí ó lè jọ ti irin. Nígbà náà, ẹ bi alágbàtà léèrè: ta ló fín ojú tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́? Kí ni wọ́n fín in sí? Mélòó ni wọ́n tẹ̀, pẹ̀lú ti A/P? Ọdún wo? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú rìsíìtì, kí ó sì buwọ́ lù ú, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.