Olówó, olórí ẹbí àti káńsẹ́lọ̀

Ẹni tó kó owó láti Èkó wá ra ilẹ̀ ní Mowe sábà máa ń gbà pé bówó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ti kọ rìsíìtì fún un, awọnlẹ̀ sì ti ri òpó ààlà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ lọ́jọ́ tí bíríkìlà bá kọ́kọ́ sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè yọ sí etí ilẹ̀ náà, kí wọ́n ní kó san owó ìpìlẹ̀. Bó bá kọ́lé dé dẹ́kì, wọ́n tún lè dé. Bó bá fẹ́ kan òrùlé, bákan náà. Ẹlòmíì nínú wọn kò ní owó ogún búlọ́ọ̀kù lápò, síbẹ̀ ẹni tó gbé jíìpù wá ló ń bẹ̀ wọ́n. Ta ló wá ga ju ta lọ níbẹ̀?

Max Weber, onímọ̀ ará Jámánì tó kú ní 1920, sọ̀rọ̀ lórí irú ìbéèrè yìí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Karl Marx ti sọ ṣáájú rẹ̀ pé ohun ìní ni gbòǹgbò: mọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́, o ti mọ ẹni tó ń pàṣẹ. Weber kò ní irọ́ ni, ó kàn ní ọ̀nà náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ipò ọrọ̀ wà, ìyẹn ohun tí ènìyàn lè rí gbà lọ́jà nítorí ohun tó ní tàbí iṣẹ́ tó mọ̀. Iyì tún wà lọ́tọ̀, ọ̀wọ̀ tí àwùjọ ń bù fún ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe gbogbo ayé ló lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn dá sílẹ̀ láti gba àṣẹ, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí òmíràn.

Ti ọrọ̀ kò ṣòro láti rí ní agbègbè yìí. Ojú irin ló kọ́kọ́ sọ Ìfọ̀ di ọjà. Mowe àti Ibafo ní tiwọn, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló gbé wọn sókè, àti àgọ́ ìjọ Ridíìmù tí ilẹ̀ rẹ̀ ti di ti ìjọ náà láti 1983. Owó ilé tó wọ́n l'Ékòó lé òṣìṣẹ́ síta, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ di púlọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n Weber kìlọ̀ pé àwọn tí ipò ọrọ̀ wọn dọ́gba kì í dédé di ẹgbẹ́ kan. Wo àwọn ayálégbé: ìṣòro wọn jọra, síbẹ̀ bí owó ilé bá gòkè, olúkúlùkù ló ń di ẹrù tirẹ̀ lọ.

Ti iyì ló gba kí a dúró wò ó dáadáa, torí òfin gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjánì, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso, tó wà ní ìlú ọba, gbà pé lábẹ́ àṣà, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 wá kó ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò gba ilẹ̀ oko kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹbí ló ṣì ń tà á.

Ká ní ìyá oníṣòwò kan láti Mushin rí ilẹ̀ kan l'Íbafo, tí ọmọkùnrin méjì nínú ẹbí fẹ́ tà á fún un. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí. Lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè igun mélòó ni ẹbí náà pín sí, ta sì ni àgbà igun kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ti là á kalẹ̀: bí àwọn àgbà ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí láìsí àwọn àgbà, títà náà dúró, àfi bí wọ́n bá tètè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí adájọ́ fagi lé e. Bí olórí ẹbí bá ti kú, tí igun méjì sì ń du oyè náà, ìyá yìí kò gbọ́dọ̀ sanwó rárá, bó ti wù kí ilẹ̀ náà pọ́kú tó. Rìsíìtì tí igun kan kọ kò di igun kejì lọ́wọ́. Bàbá arúgbó tó ń gbé ilé amọ̀ lè mú kálàmù, kí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ṣe ohun tí mílíọ̀nù náírà kò lè ṣe. A kì í ra ipò yẹn. Inú ẹbí ni a ti ń bí èèyàn sí i.

Àmọ́ iyì tí a bá tà kì í padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni owó ìpìlẹ̀ ti wá. Bàbá ti ta ilẹ̀, wọ́n ti ná owó rẹ̀, àwọn ọmọ kò ní oko mọ́, ohun tó kù fún wọn kò ju orúkọ onílẹ̀ lọ. Orúkọ náà ni wọ́n ń sọ di owó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbógun ti àṣà yìí nínú òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2016: ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún ẹni tó bá fi tipátipá gba ilẹ̀, ikú bí ẹ̀mí bá bá a lọ. Òfin náà wà, owó ìpìlẹ̀ náà wà. Àwọn tó ra ilẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n tiwọn: ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ẹgbẹ́ yìí ń dá owó tiransifọ́mà, ti géètì àti ti ọdẹ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ayálégbé ń san nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àga fún un nínú ìpàdé. Àwọn tí onílẹ̀ ń pè ní àlejò ti rí ẹni tí àwọn náà máa pè ní àlejò.

Ọ̀nà kẹta, ti ẹgbẹ́, ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi han gbogbo ayé. Láyé ìjọba òyìnbó, obìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí san owó orí ṣáájú ọkùnrin, láti ọmọ ọdún 15, obìnrin kankan kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ Aláké. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníkaba, àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì tó kàwé. Àwọn ìyá ọjà ní tiwọn ń ró ìró. Owó orí kan náà ló ń dùn wọ́n, aṣọ ló pín wọn níyà. Ní 1946 ni wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ọjà àti ìwé jókòó pọ̀, tí Fúnmiláyọ̀ pàápàá sì gbé ìró àti bùbá wọ̀. Wọn kò ní owó tó ti Aláké, wọn kò sì ní oyè. Ṣùgbọ́n wọ́n to ara wọn. Ní 1948 Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ fìdíhẹ. Kábíyèsí padà sórí ìtẹ́ ní òpin 1950: iyì máa ń pẹ́ ju ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ kan lọ.

Lónìí, káńsẹ́lọ̀ ni ojú ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Kò pọn dandan kó lówó, kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ó lè ti gáréèjì wá. Ohun tó nílò ni kí ẹgbẹ́ fà á kalẹ̀. Nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti oṣù kọkànlá 2024, ẹgbẹ́ APC ló gba gbogbo ipò alága 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọbáfẹ́mi-Òwódé àti Ìfọ̀ wà lára wọn. Níbi tí nǹkan bá rí báyìí, inú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni ìdíje gidi wà, ẹni tí kò bá sì sí nínú ẹgbẹ́ kò lè dá sí i. Alága ẹgbẹ́ onílé tó fẹ́ kí katapílà tún ọ̀nà wọn ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì lè lọ gba káàdì ẹgbẹ́. Olórí ẹbí ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀.

Ayálégbé tó dé láti Òṣogbo tàbí Ẹnúgu ni nǹkan tirẹ̀ yàtọ̀. Kò nílé, kò sì ní ẹbí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ń gbé ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbò, ìbò rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti onílẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Mowe. Kò tíì sí ẹni tó to wọ́n jọ.