Náírà 86 fún Ṣíà Kan: Ṣé Ó Wọ́n Àbí Kò Wọ́n?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ṣíà ilé iṣẹ́ kan ti wọ́n jù. Ilé iṣẹ́ kan tí gbogbo ẹni tó ń gba Boundary kọjá láti Ajégúnlẹ̀ sí Àpápá mọ̀ ni mo fẹ́ fi dáhùn lónìí: Flour Mills of Nigeria, àwọn tó ń ṣe Golden Penny ní Wharf Road.

Ọdún 1960 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ọjà ṣíà ní 1978. Ní 2024, Excelsior Shipping, ilé iṣẹ́ tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ṣíà rẹ̀, sọ pé òun fẹ́ ra gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù, kí Flour Mills lè kúrò lórí ọjà. Náírà 70 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n fún ṣíà kan, kí wọ́n tó gbé e dé náírà 86. Ẹ fojú inú wò ó pé bàbá yín ní ṣíà 1,000 níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún un ní náírà 86,000. Ṣé owó gidi nìyẹn, àbí wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan máa ń wo iye ṣíà lásán, wọ́n á ní ṣíà tó jẹ́ náírà 800 wọ́n ju ti náírà 86 lọ. Iye yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá gé búrẹ́dì Àgége kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ègé kan á tóbi. Bí ẹ bá gé búrẹ́dì kan náà sí ọ̀nà ogójì, ègé kan á kéré. Búrẹ́dì náà kò yí padà. Ṣíà Flour Mills jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.1. Tí ẹ bá fi 86 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí bíi bílíọ̀nù 353 náírà. Iye tí wọ́n dá lé gbogbo búrẹ́dì náà nìyẹn, òun ló sì yẹ ká gbé yẹ̀ wò.

Báwo la ṣe máa gbé e yẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ ká lo kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún yín ní mílíọ̀nù 3 náírà. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi í ni iye tó ń mú wálé lọ́dún, lẹ́yìn epo, àtúnṣe àti owó àwọn àgbèrò. Tó bá ní náírà 750,000, ẹ ti mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ló máa gbà kí owó yín tó padà, tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní P/E kò ju ìyẹn lọ. Iye tí wọ́n ń ta ṣíà kan ni P. Èrè ọdún kan tó kan ṣíà kan ni E, òun náà ni ẹ máa ń rí bíi EPS lórí áàpù. Ẹ pín àkọ́kọ́ sí ìkejì:

```
P/E = iye ṣíà kan ÷ èrè ọdún kan lórí ṣíà kan
```

P/E kẹ̀kẹ́ yẹn jẹ́ 4. Ó dà bíi pé ẹ̀ ń fi náírà mẹ́rin ra náírà kan tó ń wọlé lọ́dọọdún. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni ọjà ṣe wọ́n tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Wharf Road. Ìparí oṣù kẹta ni ọdún ìṣirò Flour Mills máa ń parí. Ní ọdún tó parí ní oṣù kẹta 2024, èrè tó kù lẹ́yìn owó orí jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 náírà. Tí a bá pín in sí ṣíà bílíọ̀nù 4.1, kọ́bọ̀ 85 ló kan ṣíà kan. Ẹ wá pín náírà 86 sí kọ́bọ̀ 85: P/E jẹ́ nǹkan bíi 100. Ọgọ́rùn-ún ọdún kí owó tó padà! Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ máa sọ fún bàbá yín pé kó tètè gba owó náà, kó sáré lọ sílé kí wọ́n má baà yí ọkàn padà.

Ẹ má tíì sáré. Ẹ wo ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn èyí tó parí ní oṣù kẹta 2023. Èrè ọdún yẹn tó bíi bílíọ̀nù 29.5. Náírà 7.20 ló kan ṣíà kan. Ẹ pín 86 sí 7.20, P/E á di 12. Ilé iṣẹ́ kan náà, iye owó kan náà, ṣùgbọ́n ọdún kan sọ pé 100, èkejì sọ pé 12. Iye tí wọ́n fẹ́ san kò yí padà, èrè tó wà nísàlẹ̀ ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹ má kàn gba P/E tí áàpù yín gbé jáde. Ẹ bi í léèrè pé èrè ọdún wo ló fi ṣírò.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjèèjì? Ṣé ọjà kò tà ni? Rárá o. Owó ọjà tí wọ́n tà gòkè láti nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1.54 sí tírílíọ̀nù 2.29 náírà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 ti kọjá náírà 1,300 nígbà tí oṣù kẹta 2024 fi máa parí. Òkè òkun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní Àpápá ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Gbèsè dọ́là tí ilé iṣẹ́ bá ti jẹ kalẹ̀ náà máa ń wú sókè nínú ìwé ìṣirò lọ́jọ́ tí náírà bá já.

Ẹ wo èrè náà lórí náírà 1,000 ọjà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún tó dára, nǹkan bíi náírà 19 ló kù lọ́wọ́ wọn nínú 1,000. Ní ọdún tí kò dára, náírà kan àti ààbọ̀ ni. Iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ tín-ín-rín báyìí, ìjì kékeré lè gbé P/E rẹ̀ láti 12 dé 100, kí fúláwà sì máa jáde lọ́nà kan náà. Nítorí náà, P/E tó ga fíofío kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí pé ṣíà wọ́n. Nígbà mìíràn, ohun tó ń sọ ni pé ọdún tí wọ́n fi ṣírò burú.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń da èrè ọdún mẹ́ta pọ̀. Ọdún tó parí ní oṣù kẹta 2022 mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 28 wá. Tí a bá da 28, 29.5 àti 3.5 pọ̀, tí a sì pín in sí mẹ́ta, èrè ọdún kan á jẹ́ bíi bílíọ̀nù 20, ìyẹn náírà márùn-ún lórí ṣíà kan. P/E wá di nǹkan bíi 17. Nọ́ńbà yìí ló bá ọgbọ́n mu jù fún ẹni tó fẹ́ mọ bóyá kó tà.

Ìwọ̀n kejì kò lo èrè rárá, owó ọjà ló ń lò. Bílíọ̀nù 353 tí wọ́n dá lé gbogbo ilé iṣẹ́ náà, ẹ pín in sí tírílíọ̀nù 2.29. Kọ́bọ̀ 15 ni wọ́n ń san fún náírà kan ọjà. Nípa ìwọ̀n yìí, ṣíà náà kò wọ́n rárá. Ìwọ̀n yìí wúlò nígbà tí èrè bá ṣègbé fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù: ọjà kì í ṣe èrè. Ẹni tó ń ta ọjà rẹpẹtẹ láìjèrè, ariwo lásán ló ń pa.

Bí ẹ bá wá fi 100 àti kọ́bọ̀ 15 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ máa rí ìdí tí ẹni tó mọ inú ilé iṣẹ́ náà dáadáa fi lè san náírà 86. Kì í ṣe èrè ọdún tó burú yẹn ló ń rà. Ìgbà tí náírà bá dúró, tí náírà 15 tàbí 20 bá tún ń kù nínú 1,000, ló ń wò.

Àmọ́ ẹ má rò pé P/E tó kéré ni ẹ máa máa sáré sí o. Ẹ wo Dangote Sugar, tí ilé ìfọ́ ṣúgà rẹ̀ wà ní wáàfù Àpápá níbẹ̀. Ní ìparí 2022, ṣíà rẹ̀ wà ní nǹkan bíi náírà 16, èrè ọdún náà sì jẹ́ bíi náírà 4.50 lórí ṣíà kan. P/E kò tó 4. Ó dà bí ọ̀fẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni dọ́là gòkè, ilé iṣẹ́ náà sì pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 74 náírà. Èrè ti wá di òfò, kò sì sí P/E mọ́, torí èèyàn kò lè sọ iye ọdún tí owó máa fi padà nínú òfò. Bí áàpù yín bá fi àmì òdo, `-` tàbí `N/A` síwájú P/E, ohun tó sábà máa ń sọ nìyẹn. P/E ń sọ ọjọ́ àná, ọjọ́ ọ̀la kò sí nínú rẹ̀.

Ó ku nǹkan kan. Ẹ máa béèrè pé ṣíà yìí wọ́n ju kí ni? Ẹ pín 100 sí P/E, ẹ máa rí iye pásẹ́ǹtì tí èrè ọdún kan jẹ́ nínú owó tí ẹ san. P/E 17 jẹ́ bíi pásẹ́ǹtì 6. Ní ìparí 2024, ìjọba àpapọ̀ ń san ju pásẹ́ǹtì 20 lọ lórí owó tó ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ọdún kan. Ẹni tó bá ra ṣíà dípò ìyẹn gbọ́dọ̀ gbà pé èrè ilé iṣẹ́ náà máa dàgbà, torí owó èlé ìjọba kì í dàgbà.

Kí ẹ tó ra ṣíà kankan, ẹ ṣí ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ náà lórí ìkànnì NGX. Ẹ wá ìlà tó ní `Basic earnings per share`, kì í ṣe ti ọdún kan, ti ọdún mẹ́ta ni o. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ sí pínpín tí a ṣe níbí, torí apá kan èrè lè jẹ́ ti àwọn mìíràn tó ní ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà `Foreign exchange loss`. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá tóbi, ẹ ti mọ ìdí tí P/E fi ń fò sókè fò sódò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí dífídẹ́ndì. Ó dìgbà o.