Ìwé Pélébé Kan àti Pọ́n-ùn 2,892

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Butler ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ iye owó ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Ex-Cell-O: pọ́n-ùn 75,535, ẹ̀rọ yóò sì dé ní oṣù mẹ́wàá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí nǹkan bá gbówó lórí kí ẹ̀rọ tó dé, iye tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó dé ni olùrà yóò san. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, olùrà fi ìwé ìbéèrè ọjà tirẹ̀ ránṣẹ́, kò sì sí àfikún owó kankan nínú àdéhùn tó wà lórí ìyẹn. Ìwé pélébé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣeé fà ya: ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà láti ta ọjà náà lórí àdéhùn olùrà.

Butler fọwọ́ sí i, wọ́n dá a padà. Ṣùgbọ́n wọ́n so lẹ́tà kan mọ́ ọn tó sọ pé ìwé iye owó tiwọn ni àwọn tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹ̀rọ parí, wọ́n béèrè àfikún pọ́n-ùn 2,892. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre. Ní ọdún 1977, Adájọ́ Denning àti àwọn méjì mìíràn nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà: ìwé pélébé tí wọ́n fọwọ́ sí ló lékè, iye owó àti irú ẹ̀rọ nìkan ni lẹ́tà náà ń tọ́ka sí.

Ìwé ìjẹ́rìí, èyí tí olùtajà fi ń sọ pé òun ti gba ìbéèrè ọjà, kì í ṣe ìwé ìkíni. Òun gan-an lè di àdéhùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kọ ọ́ láìfi àlàfo kankan sílẹ̀, pàápàá níbi ọjọ́ àti owó.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo oníṣòwò kan n'Ìbàdàn tó ń ta ìgò oníke fún ilé iṣẹ́ ohun mímu kan l'Ékòó. Ọjà náà jẹ́ náírà 4,000,000. Ohun tó kọ kò ju báyìí lọ: «2/10 net 30, ọjà yóò dé ní ọ̀sẹ̀ méjì.» Ìtumọ̀ àmì yẹn ni pé ẹni tó bá sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yóò gba ẹ̀dínwó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò san gbogbo rẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Ẹ̀dínwó náà kò kéré rárá. Olùrà tó bá jẹ́ kó bọ́ ti fi ìdá méjì ra ogún ọjọ́ péré, bí ìgbà tó yá owó ní èlé tó lé ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ọjọ́ mẹ́wàá láti ìgbà wo? Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni wọ́n kọ ìwé owó ọjà, ọjọ́ kọkànlá ni ìgò dé, olùrà sì sanwó lógúnjọ́, ó yọ náírà 80,000 kúrò. Bí a bá ka ọjọ́ láti orí ìwé owó, àǹfààní náà ti parí ní ọjọ́ kẹtàlá. Bí a bá kà á láti ọjọ́ tí ọjà dé, ó ku ọjọ́ kan. Olùtajà àti olùrà ló ní àwíjàre, kò sì sẹ́ni tó ń purọ́.

Ìwé tó dára yóò sọ ọ́ báyìí: «Ọjọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí olùrà fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo ọjà ti pé lọ́wọ́ òun, Sátidé àti Sunday wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì wa ni ọjọ́ ìsanwó. Orí iye ìgò nìkan ni ẹ̀dínwó wà, kò kan owó ọkọ̀ tàbí owó-orí.» Ọ̀rọ̀ «gbogbo ọjà» ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí bí ìdajì ìgò bá kọ́kọ́ dé, ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

«Ọ̀sẹ̀ méjì» náà ní àléébù tirẹ̀. Ṣé láti ọjọ́ ìbéèrè ni, àbí láti ọjọ́ tí owó àsansílẹ̀ dé? Ṣé ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò n'Ìbàdàn ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n já ẹrù l'Ékòó? Kí wọ́n dá ọjọ́ gan-an, kí wọ́n dárúkọ ibi tí wọn yóò já ẹrù sí, kí wọ́n sì kọ ohun tí olùrà lè ṣe bí ọjọ́ bá kọjá: kó gba ẹ̀dínwó, tàbí kó fagi lé e.

Òfin títa ọjà ti ọdún 1893 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà tẹ̀ lé, sọ pé pípẹ́ ìsanwó nìkan kò tó láti tú àdéhùn ká, àyàfi bí àdéhùn bá fi hàn bẹ́ẹ̀. Olùtajà tó bá fẹ́ dá ẹrù kejì dúró nítorí owó àkọ́kọ́ kò wọlé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, ó ku gbólóhùn kan: bí ìwé olùrà bá yàtọ̀ sí ìwé yìí, èwo ló lékè? Kíkọ ọ́ nìkan kò tó, nítorí ìwé olùrà lè sọ òdìkejì rẹ̀. Kí olùtajà fi ìwé méjèèjì wé ara wọn, kó béèrè ìdáhùn tí olùrà fọwọ́ sí lórí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹrù kúrò nílé ìkẹ́rùsí títí ìdáhùn náà yóò fi dé.