Ìdí tí íápọ́ọ̀dù fi ń já lọ́jà àti nínú bọ́ọ̀sì, àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ti íápọ́ọ̀dù bọ etí láti ilé, ẹ ń gbọ́ ètò wa lórí fóònù, ó ń dún ketekete. Ẹ dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ti kún, ni ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Etí òsì á dákẹ́, á tún sọ̀rọ̀. Tó bá yá, méjèèjì á jọ dákẹ́. Ẹ padà délé, ó tún ń dún dáadáa bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ wa ló ti torí èyí padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn, tí wọ́n ní ayédèrú ni. Nígbà mìíràn, ayédèrú ni lóòótọ́. Àmọ́ íápọ́ọ̀dù tó dáa náà ń já lọ́jà, ó sì nídìí.

Kẹ́ ẹ tó dá íápọ́ọ̀dù lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń já gan-an. Ìrìnàjò méjì ni ohùn wa ń rìn kó tó dé etí yín. Ó ń ti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá sórí fóònù, lẹ́yìn náà ló ń ti orí fóònù bọ́ sínú íápọ́ọ̀dù. Ìrìn kejì yìí là ń pè ní Búlútúùtù. Ìrìn méjèèjì ló lè ní ìdíwọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ torí pé gbogbo ọjà ló jọ ń pín dátà òpó kan náà lò. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dà yín láàmú ni pé kẹ́ ẹ ṣí orin tàbí ìwàásù tó ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, èyí tí kò nílò dátà. Tí ìyẹn ò bá já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ máa bá wí. Tí òun náà bá ń já, Búlútúùtù ni. Àmì mìíràn tún wà lójú fóònù. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, nǹkan roboto kan á máa yí, ètò á dúró, tó bá padà dé, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ti Búlútúùtù kò rí bẹ́ẹ̀. Aago ètò á ṣì máa sáré lọ lójú fóònù nígbà tí etí yín ò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tó sì bọ́ sínú àlàfo yẹn ti lọ nìyẹn.

Ti Búlútúùtù yìí la fẹ́ sọ. Ìgbì rédíò lòun náà, bíi tiwa níbí, ṣùgbọ́n ìgbì yàtọ̀ síra wọn. Rédíò tẹ́ ẹ ń gbọ́ láàárín 88 sí 108 mẹ́gáháàsì ní ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ìgbì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í ka ara èèyàn sí, ó máa ń yí i po kọjá ni. Ti Búlútúùtù wà lórí nǹkan bíi 2,400 mẹ́gáháàsì, èyí tí wọ́n ń kọ sára àpótí pé 2.4 GHz, ìgbì rẹ̀ kò sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjìlá lọ, ìyẹn nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti díẹ̀. Irú ìgbì kékeré bẹ́ẹ̀, omi máa ń fà á mu. Ara èèyàn sì rèé, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ omi. Tí fóònù bá wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò lápá ọ̀tún, tí íápọ́ọ̀dù sì wà létí òsì, gbogbo ìbàdí, ikùn àti àyà yín ló dúró sáàárín wọn bí ìgbà tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi dábùú ọ̀nà.

Ẹ ó wá bi wá pé, ṣé ara kan náà kọ́ lẹ gbé wà nílé ni? Òun náà ni. Àmọ́ ilé ní ògiri àti àjà. Ìgbì tí kò lè gba inú ara yín kọjá á lu ògiri, á ta padà, á gba ẹ̀gbẹ́ wọ etí. Láàárín ọjà gbangba, òfurufú ló wà lókè, kò sí ògiri tó máa dá a padà. Èyí tó bá sì fẹ́ ta láti ibì kan, ara àwọn èrò tó yí yín ká á ti fà á mu. Ìdí nìyí tí íápọ́ọ̀dù kan fi lè já ní pápá tí kò sẹ́nì kankan, kó má sì já nínú yàrá tí èèyàn mẹ́wàá wà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Orí 2.4 GHz yìí kò nílò láíṣẹ́ńsì, ẹni tó bá wù ló lè lò ó. Wáífáì ilé ìfowópamọ́ ń lò ó, Máífáì ń lò ó, fóònù tó bá tan họ́tísípọ́ọ̀tù fún ẹlòmíràn náà ń lò ó. Búlútúùtù mọ̀ pé òun kọ́ lòun nìkan wà níbẹ̀. Ó pín ààyè náà sí ìkànnì tín-ín-rín 79, ó sì ń fò láti orí ọ̀kan sórí òmíràn ní ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti fi kún ìlànà rẹ̀ pé kó máa ṣàkíyèsí ìkànnì tí ariwo wà, kó sì máa fò wọ́n kọjá. Wáìrẹ́lẹ́ẹ̀sì tó kù kì í ní irú ìwà tútù bẹ́ẹ̀. Wáífáì kan ṣoṣo á tẹ́ ẹní rẹ̀ gba nǹkan bí ogún nínú ìkànnì 79 yẹn. Tí mẹ́ta bá tẹ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọgọ́ta ti lọ. Ibi tó ṣẹ́ kù, Búlútúùtù tiyín àti ti gbogbo àwọn tó ti nǹkan bọ etí ló ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Fóònù máa ń tún ọ̀rọ̀ tó sọnù fi ránṣẹ́, íápọ́ọ̀dù sì máa ń tọ́jú ohùn díẹ̀ pamọ́ kó lè máa rí nǹkan sọ títí èyí tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ á fi dé. Àmọ́ ohun tó ń tọ́jú kò tó nǹkan, kì í sábà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Tí ara yín bá ti sọ ìgbì di aláìlágbára, tí ariwo Wáífáì tún bò ó mọ́lẹ̀, àtúnránṣẹ́ á pọ̀ jù, èyí tó wà nípamọ́ á tán, ẹ ó gbọ́ "ká", ohùn á gé.

Mo dán an wò fúnra mi nígbà tí mò ń lọ sí Ọ̀ndó. Fóònù wà nínú àpò ẹ̀yìn, orin tó ti wà lórí fóònù ni mo ṣí, kí n lè yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò nínú ẹjọ́. Ní gáréèjì, bí mo ṣe ń rìn láàárín èrò, etí òsì ń já léraléra. Mo mú fóònù sí àpò àyà ẹ̀wù, ó dín kù lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ èrò ò dín. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fún wa mọ́ra bí ẹja sáàdì, ó tún ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Arákùnrin tó jókòó tì mí ń fi họ́tísípọ́ọ̀tù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní dátà. Nígbà tá a jáde nílùú, tá a bọ́ sáàárín oko kòkó, Wáífáì ìlú ti kù sẹ́yìn, orin náà sì dákẹ́ jíjá. Bá a ṣe wọ Yábà ní Ọ̀ndó ló tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Íápọ́ọ̀dù kan náà ni o, fóònù kan náà.

Nítorí náà, ibi tí fóònù wà lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé e sápò àyà, tàbí kẹ́ ẹ gbé báàgì kọ́rùn kó wà níwájú. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí tó ń gbà gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ íápọ́ọ̀dù, etí kan ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tààrà, òun ló ń fún èkejì. Tó bá jẹ́ etí kan pàtó ló máa ń já ṣáá, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rí. Ẹ tún lè fi etí kan ṣoṣo sí, kẹ́ ẹ dá èkejì padà sínú ilé rẹ̀. Fún ọjà àti gáréèjì, èyí ni mo fara mọ́ jù, torí ẹ ó máa gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀ àti ẹni tó ń pariwo "àgò lọ́nà o!"

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo inú fóònù. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá tan họ́tísípọ́ọ̀tù, ariwo tó sún mọ́ Búlútúùtù yín jù lọ nìyẹn. Ẹ pa á, tàbí kẹ́ ẹ yí i sí "5 GHz" tí fóònù yín bá ní i. Tẹ́ ẹ bá rí "Game mode" tàbí "Low latency", ẹ pa á. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ohùn tó wà nípamọ́ kù kí géèmù lè yá, nígbà tó sì jẹ́ pé ohùn tó wà nípamọ́ yẹn gan-an lẹ nílò lọ́jà. Tí "LDAC" bá wà lábẹ́ orúkọ íápọ́ọ̀dù náà, ẹ pa òun náà. Ó ń jẹ́ kí orin dùn sí i, ṣùgbọ́n tó bá wà lórí ìwọ̀n tó ga jù, ẹrù tó ń gbé tó ìlọ́po mẹ́ta ti "SBC" tí gbogbo íápọ́ọ̀dù ń lò. Ta ló fẹ́ mọ ìyàtọ̀ adùn orin níbi tí ẹ̀rọ ata ti ń ké?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ má ṣe dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ògiri ṣọ́ọ̀bù á bo àléébù rẹ̀. Ẹ bẹ ọlọ́jà kí ẹ jọ bọ́ síta gbangba, ẹ fi fóònù sápò ẹ̀yìn, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ rìn díẹ̀. Èyí tó bá já díẹ̀ níbẹ̀, kò burú. Ẹ wá mú fóònù dání níwájú àyà: tó bá ṣì ń já nígbà tí kò sí nǹkan kan láàárín, ẹ́ríà inú rẹ̀ ni kò dáa, kò sí ètò tẹ́ ẹ lè yí lórí fóònù tó máa wò ó sàn.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wọ bọ́ọ̀sì, kí ó má ju íápíìsì oníwáyà rẹ̀ nù. Wáyà ò mọ Wáífáì, kò sì mọ èrò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó ní rédíò nínú, wáyà yẹn náà ló jẹ́ ẹ́ríà rédíò: tẹ́ ẹ ò bá kì í bọ́, rédíò náà ò ní ṣí, ẹ bá sì kì í bọ́, ẹ ó máa gbọ́ wa láìná dátà rárá.