Gbèsè Wo La Ó Kọ́kọ́ San?

Ká ní ìyá aláṣọ kan jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbèsè ₦50,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 100 lóṣù. Ó tún jẹ àwọn ayánilówó orí fóònù ní ₦150,000, ìdá 10 ni èlé tiwọn. Lẹ́yìn tó san èlé méjèèjì, ₦50,000 ló ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà sìnóbọ́ọ̀lù ní kó pa gbèsè kékeré rẹ́. Ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́, ṣùgbọ́n ₦500 péré ló máa dín kù nínú èlé oṣù tó ń bọ̀. Áfálàǹṣì ní kó kọjú sí èlé tó ga jù: ₦5,000 ló máa dín kù. Èyí ni mo fara mọ́. Àfi bí èlé méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré.