Gígé Ímeèlì Ìdágbére Tó Gùn Kúrú Láì Sọ Òótọ́ Inú Rẹ̀ Nù: Àpẹẹrẹ Kan láti Port Harcourt

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lé ímeèlì tí òṣìṣẹ́ máa ń kọ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe lè gé irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ kúrú kí ènìyàn lè kà á tán láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìdúpẹ́ inú rẹ̀ má sì di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìkíni gígùn jẹ́ ara ọmọlúàbí nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ó máa ń ṣe ẹlòmíràn bíi pé ẹni tó gé ìdágbére kúrú ti fi ojú di àwọn ènìyàn rẹ̀. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe gígùn ló ń fi òótọ́ inú hàn. Ohun pàtó tí a rántí nípa ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi í hàn.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ yẹ̀ wò

Àwa fúnra wa ni a ṣẹ̀dá àpẹẹrẹ tí a lò. Obìnrin kan ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt. Òun náà ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ Yorùbá inú ilé iṣẹ́ náà dá sílẹ̀. Ó fẹ́ kó lọ sí Ìbàdàn, ó sì kọ ímeèlì sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Ohun tó kọ lé ní irinwó ọ̀rọ̀.

Ìkíni àti àdúrà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú láti sọ ìtàn ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó to orúkọ ènìyàn mẹ́tàlélógún tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìpínrọ̀ kẹrin sọ pé, ‘Ẹ dúró tì mí nígbà ayọ̀ àti nígbà ìṣòro.’ Ìkarùn-ún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣẹ̀, ó sì fi òwe ta ọ̀gá kan létí. Ìpínrọ̀ kẹfà ni ó tó sọ ẹni tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà ló fi kádìí rẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ímeèlì. Ẹni tó bá rí orúkọ mẹ́tàlélógún yóò wá orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, yóò sì pa á dé. Kò ní mọ ẹni tí yóò san owó oṣù tó ń bọ̀ fún. Ẹni kẹrìnlélógún, tí kò rí orúkọ rẹ̀, yóò sì bínú.

Ohun tí a gé àti ibi tí a gbé e lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tí ẹlòmíràn kò lè kọ, àti gbólóhùn tí òǹkàwé nílò láti fi ṣe nǹkan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a rí. A kò kàn da ìyókù nù, a wá ibi tó yẹ ẹ́ fún un. Orúkọ mẹ́tàlélógún di iṣẹ́ kéékèèké tí yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì fún ẹni kan. Bó bá mọ ẹni tó ṣẹ̀, kó lọ bá a lójúkojú. Ìtàn ìgbàsíṣẹ́ dára fún ọjọ́ àpèjẹ ìdágbére. Òwe tó fi ta ọ̀gá létí nìkan ni a yọ dànù pátápátá.

Lẹ́yìn èyí ni a padà sórí ìpínrọ̀ kẹrin. Bí ó ti wà, kò sọ ohunkóhun, nítorí gbogbo ènìyàn ló lè sọ pé wọ́n dúró ti òun. Ìgbà wo ni wọ́n dúró tì í? Kí ni wọ́n ṣe? Ìdáhùn ni pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers kéde kónílé-ó-gbélé ní Port Harcourt àti Obio/Akpor nítorí àrùn kòrónà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lásìkò náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ibi yìí nìkan ni a ti fi ọ̀rọ̀ kún un. Bí ó ṣe rí nìyí lẹ́yìn àtúnṣe:

Àkọlé: Ó dìgbóṣe, àti ẹni tí ẹ ó máa san owó ẹgbẹ́ fún

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta, ni iṣẹ́ mi yóò parí níbí. Ìbàdàn ni mò ń kó lọ.

N kò ní gbàgbé oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Kónílé-ó-gbélé ká wa mọ́lé, ara ọkọ mi kò yá, ẹ̀yin lẹ sì wá ọ̀nà gbé gààrí, epo àti oògùn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Mo dúpẹ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ akápò tuntun. Òun ni kí ẹ san owó oṣù Kẹrin fún.

Ímeèlì yìí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà. Bí ẹ bá gba Ìbàdàn kọjá, ẹ yà kí mi.

Ọlọ́run á jẹ́ ká tún fojú kan ara wa láyọ̀. Ó dìgbóṣe.

Bí a ṣe lè dán an wò

Láìka àkọlé, ímeèlì yìí kò tó 120 ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ gbára lé iye ọ̀rọ̀ nìkan. Nínú àkójọ ìwádìí tí Marc Brysbaert gbé jáde ní ọdún 2019, àgbà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sínú máa ń ka nǹkan bí 238 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kò gùn tó ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ máa ka Yorùbá lójoojúmọ́. Ohun tó dára jù ni kí a fún ẹlòmíràn ní ímeèlì náà kó kà á sókè, kí a sì wo aago. Kíkà sókè máa ń pẹ́ ju kíkà sínú lọ. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú kan báyìí, ọkàn wa balẹ̀.

Ìdánwò kejì ni ti òótọ́ inú. Ẹ yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, a ti gé e jù, tàbí kó jẹ́ pé kò sí ohun pàtó nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, gààrí àti oògùn ọdún 2020 ni kò jẹ́ kí ímeèlì náà bá ẹlòmíràn mu.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa fífi ránṣẹ́. Inú àpótí Bcc ni kí a kọ àdírẹ́sì gbogbo ènìyàn sí, kí ẹni tó bá tẹ Reply all má baà da ìdáhùn rẹ̀ sórí gbogbo ẹgbẹ́. Kí a sì fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹni tó bá fẹ́ fèsì tó rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ti ímeèlì náà.

Ìkádìí

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Ẹni tó kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tàbí àgbà tó gbà á là kò yẹ kó jẹ́ inú ímeèlì ẹgbẹ́ ni yóò ti gba ìdúpẹ́ tirẹ̀. Ilé rẹ̀ ni kí a lọ. Fún àwọn yòókù, àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àmọ́ ààbọ̀ tí a ó sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn kò lè bá wa sọ.