Ìjábọ̀ Àwárí tí ó Takora: Àpẹẹrẹ Orí Olókun ti Ilé-Ifẹ̀

Ìkirè àti Àpòmù wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí olùkọ́ kan ní Ìkirè bá ń kó ìwé jọ láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá àwárí tí ó takora pàdé. Ìwé kan yóò sọ pé ẹ̀dà ni orí idẹ tí a mọ̀ sí Orí Olókun. Òmíràn yóò sọ pé ojúlówó ni. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bí yóò ṣe jábọ̀ méjèèjì láìṣègbè.

Ní 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí náà ní Ilé-Ifẹ̀. Ó fẹ́ mú un lọ, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá sí ọ̀rọ̀ náà, orí náà kò sì bá a lọ. Ní 1949, Underwood àti Fagg tẹ àyẹ̀wò wọn jáde lórí èyí tí ó wà nílẹ̀. Wọ́n ní inú àpẹẹrẹ iyanrìn ni a dà á sí, kì í ṣe ọ̀nà ìda tí àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ àtijọ́ ń lò. Ní ọ̀nà ìda, a ó fi ìda mọ ère lé amọ̀ lórí, a ó tún fi amọ̀ bò ó. Bí iná bá ti yọ́ ìda jáde, a ó da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kà á sí ẹ̀dà ìgbà òde òní. Ní 2013, Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò sí ní 1949. Wọ́n ní ọ̀nà ìda ni a fi ṣe é, àti pé ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó jẹ́ ojúlówó.

Òǹkọ̀wé tí kò ṣọ́ra lè kọ ọ́ báyìí: ‘Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí orí náà (Underwood àti Fagg 1949, Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 2013).’ Irọ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtọ́ka méjèèjì tí a so pọ̀ sí ìparí gbólóhùn ti bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀. Òǹkàwé kò mọ ẹni tí ó sọ èwo, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó sàn jù:

‘Underwood àti Fagg (1949) ka orí náà sí ẹ̀dà, nítorí pé wọ́n gbà pé inú iyanrìn ni a dà á sí. Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2013) kò gba ìpìlẹ̀ yìí. Ọ̀nà ìda ni wọ́n rí, wọ́n sì rò pé ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó jẹ́ ojúlówó.’

Nínú èyí, àtọ́ka kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ó tún hàn pé lórí ọ̀nà dídà gan-an ni wọ́n ti yapa. Ṣé iṣẹ́ àtijọ́ ti Ifẹ̀ ni àwọn orí idẹ yòókù? Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń jà sí. Bí òǹkọ̀wé bá sọ pé wọ́n takora lórí ‘iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀’, ó ti fẹ ìjà náà lójú ju bí ó ti rí lọ. ‘Ó ṣeé ṣe jù lọ’ náà kò gbọdọ̀ di ‘ó dájú’ lẹ́nu ẹni tí ń jábọ̀.

Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yẹ̀. Èkíní ni kíka iye ìwé. Lẹ́yìn 1949, ọ̀pọ̀ ìwé pe orí náà ní ẹ̀dà, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó kàn tún ọ̀rọ̀ Underwood àti Fagg sọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tuntun. Bí ogún ìwé bá tọ́ka sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ẹ̀rí kan náà ni. Èkejì ni gbígbà pé ìwé tí ó jáde kẹ́yìn ni ó jàre. Ọjọ́ orí ìwé kọ́ ni ó fún àyẹ̀wò 2013 lágbára. Ohun tí ó fún un lágbára ni pé ó tún ohun kan náà yẹ̀ wò, ó sì dáhùn ìdí tí ti 1949 gbé kalẹ̀.

Nípa báyìí, ìjábọ̀ tí kò ṣègbè kò sọ pé ìhà méjèèjì dọ́gba nígbà tí ẹ̀rí kò bá dọ́gba. Olùkọ́ Ìkirè lè kọ ọ́ pé ẹ̀rí tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ojúlówó báyìí, bí ó bá ti kọ́kọ́ fi ohun tí ti ìṣáájú rò àti ìdí rẹ̀ hàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ tẹnu méjèèjì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí.